Nígbà tí ìdáhùn méjì bá tọ̀nà: bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń kọ lẹ́tà sí olùkọ́ lórí ìbéèrè ìdánwò

Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ sí olùkọ́ nítorí máàkì ni kì í lọ síbì kankan, torí ẹ̀bẹ̀ ló kún inú wọn. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣàánú mi, máàkì kan péré ló kù kí n gba A." Olùkọ́ tó bá fi máàkì ṣàánú ẹnì kan ti rẹ́ àwọn yòókù jẹ, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ nígbà tí ìbéèrè fúnra rẹ̀ bá ní àlébù, tí méjì nínú ìdáhùn mẹ́rin tó wà lábẹ́ rẹ̀ tọ̀nà, tí olùkọ́ sì fún ọ̀kan ṣoṣo ní máàkì. Níbẹ̀, ẹ̀rí ni akẹ́kọ̀ọ́ máa fi sọ̀rọ̀. Mo ti jókòó ti àwọn olùkọ́ tó ń máàkì, mo sì ti bá akẹ́kọ̀ọ́ tún irú lẹ́tà báyìí kọ ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Ohun tí mo rí pé ó ń mú kí olùkọ́ padà wo ìbéèrè rẹ̀ ni mo fẹ́ tò sílẹ̀.

Ìbéèrè tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ

Kọ́ọ̀sì ìró èdè Yorùbá ni mo mú, torí kò sẹ́ni tó ń ka èyí tí kò ní lè fi etí ara rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi ni mo gbé ìbéèrè náà kalẹ̀, kì í ṣe ti olùkọ́ kankan:

Ìbéèrè 17. Àpapọ̀ fáwẹ̀lì àìránmúpè àti fáwẹ̀lì àránmúpè tó wà nínú Yorùbá àjùmọ̀lò jẹ́
(A) 9 (B) 11 (C) 12 (D) 18

C ni olùkọ́ fún ní máàkì. Akẹ́kọ̀ọ́ wa mú B.

Ẹni tó mú C ka fáwẹ̀lì bí a ṣe ń kọ wọ́n. Àìránmúpè jẹ́ 7: a, e, ẹ, i, o, ọ, u. Àránmúpè jẹ́ 5: an, ẹn, in, ọn, un. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 12. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti ilé ìwé girama nìyẹn, kò sì sí irọ́ níbẹ̀.

Ẹni tó mú B ka fóníìmù, ìyẹn ìró tó lè mú kí ọ̀rọ̀ kan yàtọ̀ sí òmíràn. Pe "ìbọn", "fọn", "gbọ́n", "pọ́n" àti "wọ́n" sókè. Lẹ́yìn náà, pe "tán", "dán", "ikán", "rán" àti "sán". Fáwẹ̀lì tó parí wọn jọra lẹ́nu ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa. Ọn là ń kọ lẹ́yìn kọ́ńsónáǹtì tí ètè ń bá wọn ṣiṣẹ́, ìyẹn b, f, gb, p àti w. An là ń kọ lẹ́yìn àwọn yòókù. O kò ní rí "tán" àti "tọ́n" gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ méjì tí ìtumọ̀ wọn yàtọ̀. Ní ti fóníìmù, nígbà náà, ìró kan ni an àti ọn. Àránmúpè wá di 4, àpapọ̀ di 11.

Ìdáhùn méjèèjì ló ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ibi tí àlébù wà ni pé ìbéèrè kò sọ ohun tí a ó kà.

Kó tó kan bíírò

Bí o bá ti jáde nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, wá ibì kan jókòó sí, kí o kọ ìbéèrè náà sílẹ̀ bó ṣe wà, pẹ̀lú ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ń gba ìwé ìbéèrè padà, èyí tí wọ́n bá sì ṣe lórí kọ̀ǹpútà kì í fi ìwé kankan sí ọ lọ́wọ́. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ọkàn rẹ á ti máa tún ìbéèrè náà sọ lọ́nà tó bá ọ lára mu. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké ló máa ń pinnu ẹjọ́ yìí. Tó bá jẹ́ pé ohun tó wà níbẹ̀ ni "fóníìmù fáwẹ̀lì", C ti ṣubú. Tó bá jẹ́ "fáwẹ̀lì gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń kọ wọ́n", B ti ṣubú, ìwọ náà kò sì ní ẹjọ́ mọ́. Béèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ méjì tàbí mẹ́ta bí wọ́n ṣe rántí rẹ̀, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí o tó sọ ti tìrẹ fún wọn. Má ṣe ya ìbéèrè náà ní fọ́tò nínú gbọ̀ngàn láéláé. Ẹ̀sùn ìwà màgòmágó nínú ìdánwò nìyẹn, lẹ́tà rẹ yóò sì di ẹ̀rí tí wọ́n á fi mú ọ.

Kọ ìlànà tó wà lókè ìwé ìbéèrè sílẹ̀ pẹ̀lú. "Mú ìdáhùn tó tọ̀nà" àti "mú ìdáhùn tó dára jù lọ" kì í ṣe nǹkan kan náà. Lábẹ́ èkíní, tí ìdáhùn rẹ bá ti tọ̀nà, ó parí. Lábẹ́ èkejì, olùkọ́ lè gbà pé òótọ́ ni B, kó sì sọ pé C ló dára jù. Tó bá jẹ́ èkejì ló wà lórí ìwé yín, iṣẹ́ rẹ pọ̀ sí i: o ní láti fi hàn pé kò sí ohun kankan nínú ìbéèrè tó gbé C ga ju B lọ. Ẹni tó bá kọ lẹ́tà láìmọ èwo nínú méjèèjì ló wà lórí ìwé lè fi gbogbo àlàyé rẹ̀ ṣòfò.

Lẹ́yìn ìyẹn, gbé ara rẹ dúró sí ipò olùkọ́, kí o fi ìbéèrè kan há ara rẹ mọ́ igun: ǹjẹ́ wọ́n ti sọ ní kíláàsì èwo ni ká tẹ̀ lé? Lọ ka nóòtì rẹ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dé ìparí, kí o sì yá ti ẹni tí kì í pa kíláàsì jẹ. Bí o bá rí i níbẹ̀ pé "nínú kọ́ọ̀sì yìí, 12 ni a ó máa pè é", fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ìbéèrè ìdánwò jẹ́ ti kọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ́ yín, olùkọ́ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ti ọ̀nà kan pa níwọ̀n ìgbà tó bá ti kéde rẹ̀. Ibí yìí ni ẹjọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó pọ̀ jù ti ń kú, ó sì sàn kó kú sí ọwọ́ rẹ ju kó kú sí ojú olùkọ́ lọ.

Nínú àpẹẹrẹ wa, akẹ́kọ̀ọ́ rí nǹkan méjì nínú nóòtì rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, olùkọ́ to fáwẹ̀lì 12 sójú pátákó. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, nígbà tí wọ́n dé orí fóníìmù, olùkọ́ kan náà ṣàlàyé pé ìró méjì tí kì í jẹ yọ ní àyíká kan náà, tí wọn kò sì fi ìyàtọ̀ sáàárín ọ̀rọ̀, ẹ̀dà fóníìmù kan ni wọ́n. Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ nìyí, torí láti ẹnu olùkọ́ ló ti wá. Ìwé tó wà lórí àkójọ ìwé kíkà kọ́ọ̀sì náà ló tẹ̀ lé e. Bí o kò bá ní in, lọ wá a ní ilé-ìkàwé. Àwọn tó wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lè wá a ní ilé-ìkàwé Hezekiah Olúwásanmí. Kọ orúkọ ìwé, ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, àti ojú-ìwé náà gan-an sílẹ̀. Ohun tí o rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló gbẹ̀yìn. Tí nóòtì àti ìwé bá ti gbè ọ́, fi í sílẹ̀ pátápátá, torí olùkọ́ lè gbá a mú, kó fi àìlágbára rẹ̀ da gbogbo lẹ́tà nù.

Lẹ́tà náà

Lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀ ni. Àdírẹ́sì rẹ àti déètì wà lókè lápá ọ̀tún, àdírẹ́sì olùkọ́ wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lápá òsì, lẹ́yìn náà ni ìkíni, àkọlé, ara lẹ́tà àti ìkádìí. Kó má ju ojú-ìwé kan lọ. Olùkọ́ Yorùbá ni èyí ń lọ bá, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ ní Yorùbá. Èdè tí wọ́n fi kọ́ kọ́ọ̀sì ni kí o fi kọ tìrẹ.

Alàgbà,

Àlàyé lórí ìbéèrè 17 nínú ìdánwò ìró èdè Yorùbá

Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì tó ṣe ìdánwò yìí ní ọjọ́ Ajé tó kọjá. Mo fẹ́ kí ẹ jọ̀wọ́ bá wa tún ìbéèrè 17 wò, torí ó jọ pé ìdáhùn méjì ló tọ̀nà níbẹ̀. Bí mo ṣe rántí rẹ̀, báyìí ló lọ: "Àpapọ̀ fáwẹ̀lì àìránmúpè àti fáwẹ̀lì àránmúpè tó wà nínú Yorùbá àjùmọ̀lò jẹ́ (A) 9 (B) 11 (C) 12 (D) 18."

Mo gbà pé C tọ̀nà. Tí a bá ka fáwẹ̀lì bí a ṣe ń kọ wọ́n, àìránmúpè 7 àti àránmúpè 5 fún wa ní 12, bí ẹ ṣe kọ́ wa ní ọ̀sẹ̀ kejì.

Tí a bá ka fóníìmù, B náà tọ̀nà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ kọ́ wa pé ìró méjì tí kì í jẹ yọ ní àyíká kan náà, tí wọn kò sì fi ìyàtọ̀ sáàárín ọ̀rọ̀, ẹ̀dà fóníìmù kan ni wọ́n. An àti ọn rí bẹ́ẹ̀: ọn ló ń tẹ̀ lé b, f, gb, p àti w (ìbọn, fọn, gbọ́n, pọ́n, wọ́n), an ló sì ń tẹ̀ lé àwọn yòókù (tán, dán, ikán, rán, sán). Tí a bá kà wọ́n sí ọ̀kan, àránmúpè di 4, àpapọ̀ di 11.

Ìbéèrè náà sọ pé "fáwẹ̀lì" láì sọ bóyá bí a ṣe ń kọ wọ́n ni a ó fi kà á tàbí fóníìmù. Ìlànà tó wà lókè ìwé náà sì ni pé ká mú ìdáhùn tó tọ̀nà.

Tí ẹ bá rí i pé àlàyé yìí mọ́gbọ́n dání, mo bẹ̀ yín kí ẹ gba B àti C fún gbogbo kíláàsì. Tó bá jẹ́ pé ohun kan wà tí n kò rí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi hàn mí. Mo so ẹ̀dà nóòtì ọ̀sẹ̀ kejì àti ìkẹrin mọ́ lẹ́tà yìí. Ẹ ṣeun, sà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
(orúkọ rẹ, nọ́ńbà mátíríìkì rẹ, ọwọ́ rẹ)

Wo bí lẹ́tà náà ṣe tò. Ìpínrọ̀ kejì, níbi tó ti gbà pé C tọ̀nà, ni mo ka sí ọkàn rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ ń sáré sọ pé ìdáhùn olùkọ́ kò tọ̀nà, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ kò ju pé tiwọn náà tọ̀nà lọ. Bí o bá sọ pé C kò tọ̀nà, olùkọ́ á to fáwẹ̀lì 12 síwájú rẹ, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀, kò sì ní dé orí B rárá. Nígbà tí o bá gbà fún un, kò sí ohun tó máa gbèjà mọ́. Ohun tó kù ni kó wò ó bóyá B náà dúró.

Wo ìpínrọ̀ kẹta pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, márùn-ún fún apá kọ̀ọ̀kan, olùkọ́ sì lè fi ẹnu ara rẹ̀ dán wọn wò níbi tó jókòó sí. Ìyẹn sàn ju kí o kọ pé "àwọn onímọ̀ gbà pé 11 ni." Àwọn onímọ̀ wo? Olùkọ́ tó bá ti ka ìwé jù ọ́ lọ á béèrè, o kò sì sí nítòsí láti dáhùn.

Ohun tí kò sí nínú lẹ́tà náà: máàkì rẹ, ohun tí A máa ṣe fún ọ, owó ilé ìwé tí òbí rẹ san, àti iye àwọn tó ń kùn ní kíláàsì. Akẹ́kọ̀ọ́ kò tilẹ̀ sọ pé B lòun mú. Bí lẹ́tà bá dá lórí ìbéèrè nìkan, olùkọ́ lè gbé e síwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀ka láìsí ẹni tó máa rò pé ojúsàájú ló fẹ́ ṣe.

Ohun tó yẹ kí o béèrè fún

Ọ̀nà mẹ́ta ni olùkọ́ lè gbà tún irú ìbéèrè yìí ṣe. Ó lè gba ìdáhùn méjèèjì. Ó lè yọ ìbéèrè náà kúrò, kó sì ṣírò máàkì lórí èyí tó kù. Ó tún lè fún gbogbo ènìyàn ní máàkì náà. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í sábà ronú lórí ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn, ó sì lè dun ẹlòmíràn gan-an.

Ká ní ìbéèrè 40 ló wà nínú ìdánwò náà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó mú C gba 28. Ìyẹn jẹ́ 70 nínú ọgọ́rùn-ún, A ni lábẹ́ ìlànà tí A ti ń bẹ̀rẹ̀ láti 70. Bí olùkọ́ bá yọ ìbéèrè 17, ó di 27 nínú 39, ìyẹn 69.2. B ló bọ́ sí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìbéèrè tó gbà dáadáa ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn tó mú B gba 27 nínú 40, ìyẹn 67.5. Bí wọ́n bá gba méjèèjì, tirẹ̀ di 28, ó gba 70. Ẹni àkọ́kọ́ kò sì pàdánù nǹkan kan. Bí wọ́n bá wá fún gbogbo ènìyàn, ẹni tó mú D, tí kò mọ fáwẹ̀lì yàtọ̀ sí kọ́ńsónáǹtì, á gba máàkì lọ́fẹ̀ẹ́. Kíkọ "ẹ gba B àti C fún gbogbo kíláàsì" ló fi ẹ̀tọ́ fún ẹni tó yẹ láìgba ti ẹnikẹ́ni. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, má kàn sọ pé "kí ẹ ṣe ohun tó yẹ."

Olùkọ́ fúnra rẹ̀ ní ọ̀nà tó lè fi yẹ ọ̀rọ̀ rẹ wò. Ó lè to ìwé ìdánwò láti orí ẹni tó gba máàkì jù dé orí ẹni tó gba kéré jù, kó mú ìdá kan nínú mẹ́rin tó wà lókè, kó wo ohun tí wọ́n mú ní ìbéèrè 17. Ní kíláàsì ènìyàn 120, ènìyàn 30 nìyẹn. Bí 14 nínú wọn bá mú C, tí 13 mú B, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dunjú ló pín sí méjì yẹn, àlébù wà lára ìbéèrè. Bí 27 bá mú C, tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ni àwọn tó mú B pọ̀ sí, olùkọ́ ní ìdí láti rò pé ìbéèrè náà yé ẹni tó kàwé. Ìyẹn nìkan kò sọ B di irọ́, ṣùgbọ́n ó dín agbára ẹjọ́ rẹ kù. Má kọ èyí sínú lẹ́tà bí ẹni ń pàṣẹ iṣẹ́ fún olùkọ́. Bí wọ́n bá pè ọ́ wá sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì ṣí ojú rere sí ọ, o lè béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ti wo ohun tí àwọn tó gba máàkì tó ga mú?"

Bí lẹ́tà yóò ṣe dé ọwọ́ wọn

Ìyára ṣe pàtàkì. Ó rọrùn fún olùkọ́ láti tún máàkì ṣe nígbà tí àbájáde ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá ti lọ síwájú ìpàdé ẹ̀ka, tó kọjá sí ti fákọ́tì àti sẹ́néètì, àtúnṣe di ọ̀rọ̀ ìwé lórí ìwé, olùkọ́ tó gbà pẹ̀lú rẹ pàápàá lè má fẹ́ wọnú rẹ̀. Nítorí náà, bí o bá ti rí àlébù náà nínú gbọ̀ngàn, má dúró de máàkì. Kọ lẹ́tà rẹ ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ ṣe ìdánwò. Ó tún lẹ́wà bẹ́ẹ̀, torí ìwọ fúnra rẹ kò tíì mọ èwo ni olùkọ́ máa fún ní máàkì.

Tẹ̀ ẹ́ jáde ní ẹ̀dà méjì. Mú ọ̀kan lọ sí ọ́fíìsì olùkọ́ ní àkókò tí wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ máa wá, kí akọ̀wé ẹ̀ka sì bá ọ kọ déètì sórí èkejì, tìrẹ nìyẹn. Bí olùkọ́ bá wà níbẹ̀, kí wọn dáadáa, kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé, kí o sì sọ ọ̀rọ̀ kan péré: "Ẹ káàárọ̀ sà, mo kọ lẹ́tà lórí ìbéèrè kan nínú ìdánwò wa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wò ó nígbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn." Má bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn lẹ́nu ọ̀nà. Má kó ènìyàn mẹ́fà dání, má sì gbé e sórí Wásáàpù kíláàsì kí olùkọ́ tó kà á, torí bó bá ti gbọ́ ọ níta, iyì rẹ̀ ni yóò máa gbèjà.

Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá láìsí èsì, padà lọ lẹ́ẹ̀kan, lọ béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni o lè lọ bá olùdámọ̀ràn ọdún yín pẹ̀lú ẹ̀dà tó ní déètì lórí, kí òun sì sọ fún ọ bóyá kó dé ọ̀dọ̀ olórí ẹ̀ka. Ẹni tó fo olùkọ́ dá, tó kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ olórí ẹ̀ka lọ, ti sọ ìbéèrè lórí fáwẹ̀lì di ẹ̀sùn lórí ènìyàn.

Bí olùkọ́ bá kọ̀, tó sì sọ ìdí rẹ̀, fi ìdí náà wé nóòtì rẹ. Bí ó bá sọ pé òun ti kéde ní ọ̀sẹ̀ kẹfà pé 12 ni, tí ọjọ́ yẹn sì jẹ́ ọjọ́ tí o kò wá, wọ́n ti dá ọ lóhùn. Bí ó bá gbà, dúró kí àbájáde jáde, kí o wo máàkì rẹ. Bí kò bá yí padà, mú ẹ̀dà lẹ́tà rẹ padà lọ bá a ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an, torí ó ṣeé ṣe kó ti gbà lẹ́nu, kó má tíì dé inú ìwé máàkì.